Ojú Dúdú Inú Dífíráṣàn Àlàfo Kan: Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Wọ́n, àti Ìdí Tí Abala Àárín Fi Fẹ̀ Ní Ìlọ́po Méjì

Bí ìmọ́lẹ̀ lésà bá gba àlàfo tóóró kan kọjá, tó sì bọ́ sára ògiri, kì í ṣe ilà tín-ín-rín kan ló máa ń yà síbẹ̀. Ó máa ń tàn gbòòrò sọ́tùn-ún àti sósì. Abala kan tó mọ́lẹ̀ gidi á wà láàárín, ojú dúdú á tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, abala ìmọ́lẹ̀ kékeré míì á tún tẹ̀ lé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa lọ títí ojú kò fi ní rí wọn mọ́. Ohun tí à ń pè ní dífíráṣàn nìyẹn. Bí a bá fi rúlà wọ̀n àwọn abala náà láti ojú dúdú kan sí èkejì, gbogbo ti ẹ̀gbẹ́ ló fẹ̀ dọ́gba, àmọ́ ti àárín fẹ̀ tó méjì wọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń béèrè pé kí ló na abala àárín tó fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó nà án. Àwọn ojú dúdú ló yẹ ká wò. Wọ́n tò tẹ̀ léra ní àyè tó dọ́gba, bí òpó ọgbà tí wọ́n rì ní mítà méjì-méjì, àfi pé wọn kò ri òpó tó yẹ kó wà ní ọ̀gangan àárín. Níbi tí òpó kan kò bá sí, àyè méjì á di ẹyọ kan. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká wádìí ni ìdí tí òkùnkùn kò fi lè wà ní ọ̀gangan àárín. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní ṣìnà nínú kíkà àti wíwọ̀n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pàdánù máàkì.

Bí ojú dúdú àkọ́kọ́ ṣe ń wáyé

Ẹ jẹ́ ká pe fífẹ̀ àlàfo náà ní a. Fún àpẹẹrẹ wa, a jẹ́ 0.1 mm. Ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ni λ. Ti lésà pupa tó wọ́pọ̀ lọ́jà wà ní nǹkan bí 650 nm, ìyẹn 0.00065 mm. Christiaan Huygens gbé èrò kan kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1690, Augustin Fresnel ará Faransé sì fi ìṣirò tì í lẹ́yìn ní 1818: ibi kọ̀ọ̀kan nínú àlàfo náà ló ń ta ìgbì tirẹ̀ jáde, bí ẹni pé orísun ìmọ́lẹ̀ kékeré ni. Ohun tí a bá rí lára ògiri ni àpapọ̀ gbogbo ìgbì wọ̀nyẹn. Bí orí ìgbì kan bá pàdé orí ìgbì mìíràn, wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́. Bí orí bá pàdé kòtò, wọ́n á pa ara wọn rẹ́.

Ẹ mú ibì kan lára ògiri tó wà ní ẹ̀gbẹ́, tí ọ̀nà ibẹ̀ fi igun θ yà kúrò ní ọ̀nà tààrà. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti etí kan àlàfo náà yóò rìn jìnnà díẹ̀ ju èyí tó wá láti etí kejì lọ. Ìyàtọ̀ ìrìn náà jẹ́ a sin θ. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí àárín ni ìyàtọ̀ yìí ń pọ̀ sí i.

Ẹ wá dúró síbi tí ìyàtọ̀ láti etí dé etí ti pé λ gẹ́lẹ́. Ibí yìí ni ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ tó gba àlàfo méjì kọjá máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Yóò sọ pé ìyàtọ̀ tó bá ti jẹ́ odindi ìgùn ìgbì, ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìgbì etí méjèèjì bára mu níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi méjì péré ni etí méjèèjì jẹ́ nínú gbogbo ibi tó ń ta ìgbì. A ní láti ka gbogbo èyí tó wà láàárín wọn.

Báyìí la ṣe ń kà wọ́n. Ẹ pín àlàfo náà sí ìdajì méjì, 0.05 mm níhìn-ín, 0.05 mm lọ́hùn-ún. Ẹ mú ibi àkọ́kọ́ nínú ìdajì kìíní, kí ẹ sì so ó pọ̀ mọ́ ibi àkọ́kọ́ nínú ìdajì kejì. Ìdajì àlàfo ló wà láàárín wọn, nítorí náà ìyàtọ̀ ìrìn wọn jẹ́ ìdajì λ. Orí pàdé kòtò, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ẹ sún díẹ̀, ẹ mú ibi kejì nínú ìdajì kìíní àti ibi kejì nínú ìdajì kejì. Àwọn náà pa ara wọn rẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí àlàfo náà yóò fi tán, kò sì ní sí ẹyọ kan tí kò ní ẹnìkejì. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ òdo. Ojú dúdú àkọ́kọ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni a sin θ = λ.

Bí a bá rìn síwájú títí ìyàtọ̀ etí dé etí fi di 2λ, a ó pín àlàfo náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Ti kìíní yóò pa ti kejì rẹ́, ti kẹta yóò pa ti kẹrin rẹ́. Ní 3λ, ọ̀nà mẹ́fà ni. Òfin gbogbo wọn ni:

```
a sin θ = mλ      m = ±1, ±2, ±3, ...
```

Láàárín ojú dúdú kìíní àti ìkejì, ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ ti jẹ́ λ kan ààbọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta la lè pín àlàfo sí níbẹ̀, tí ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì λ. Méjì nínú wọn pa ara wọn rẹ́, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo tí kò rí ẹnìkejì. Ìmọ́lẹ̀ ìdá mẹ́ta àlàfo náà nìkan ló dé ògiri, kódà àwọn ìgbì inú rẹ̀ pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ bára mu. Ìdí nìyí tí abala ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ fi ṣú tó bẹ́ẹ̀: ibi tó ti mọ́lẹ̀ jù lára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4.7 nínú 100 ti ọ̀gangan àárín lọ. Abala kejì jẹ́ nǹkan bí 1.6 nínú 100, ìkẹta kò tó 1.

Ìdí tí kò fi sí ojú dúdú níbi tí m ti jẹ́ òdo

Ẹ fi òdo sí ipò m nínú òfin yẹn. Yóò sọ pé a sin θ = 0, ìyẹn ọ̀gangan àárín. Ọ̀pọ̀ ìwé kàn máa ń kọ ọ́ pé m kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo, wọ́n á sì kọjá lọ, bí ẹni pé àṣẹ kan ni. Kì í ṣe àṣẹ. Iye ọ̀nà tí a ń pín àlàfo sí jẹ́ 2m: méjì fún m = 1, mẹ́rin fún m = 2, mẹ́fà fún m = 3. Bí m bá jẹ́ òdo, kò sí pípín kankan. Kí ibi méjì tó lè pa ara wọn rẹ́, ìyàtọ̀ ìrìn wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì λ. Ní ọ̀gangan àárín, gbogbo ibi inú àlàfo ló jìnnà sí ògiri bákan náà. Bó ṣe wù ká so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ìyàtọ̀ ìrìn wọn kò ju òdo lọ, orí á máa bá orí pàdé. Ibi tí òfin yẹn ìbá ri òpó sí yìí gan-an ló wá mọ́lẹ̀ ju ibi gbogbo lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà láti fi ojú rí i, mo sì gbà pé òun ló lágbára jù, torí ó fi abala àárín àti ti ẹ̀gbẹ́ sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹ pín àlàfo sí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tín-ín-tìn-tín, kí ẹ fi ọfà kékeré kan ṣojú ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá to àwọn ọfà náà, ìdí ọ̀kan lórí èkejì. Bí ibi tí ọfà tó kẹ́yìn dé bá ṣe jìnnà tó sí ibi tí ti àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni gíga ìgbì ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa tó.

Ní ọ̀gangan àárín, gbogbo ọfà dojú kọ ibì kan náà, wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n sì dé ibi tó jìnnà jù lọ. Bí a bá kúrò láàárín díẹ̀, ọfà kọ̀ọ̀kan á yí díẹ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìlà wọn á sì tẹ̀ kọrọdọ. Bí ìyàtọ̀ etí dé etí bá pé λ, ìyípadà gbogbo wọn lápapọ̀ á pé dígírì 360, ìlà náà á ká di òbìrí, ọfà ìkẹyìn á sì padà síbi tí àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òdo nìyẹn, òkùnkùn. Ní 2λ, wọ́n á ká yípo lẹ́ẹ̀mejì. Ọfà kò pọ̀ sí i, nítorí náà òbìrí tó ká lẹ́ẹ̀mejì kéré sí ti àkọ́kọ́, ìdí sì nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ṣú bí a bá ṣe ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ wá ka ìyípo. Láti ìlà gbọọrọ dé òbìrí àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún jẹ́ dígírì 360. Láti ìlà gbọọrọ yẹn kan náà dé òbìrí àkọ́kọ́ lápá òsì tún jẹ́ 360. Abala àárín gba 720. Abala ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi òbìrí ẹlẹ́ẹ̀kan, ó sì parí síbi òbìrí ẹlẹ́ẹ̀mejì: 360 péré. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tó kù. Ibi tí ìlọ́po méjì ti wá nìyẹn, kò sí ohun mìíràn tó fà á.

Ṣíṣe àlàfo náà

Abẹ olójú méjì tuntun méjì, páálí, sẹlotéèpù àti pépà ìtẹ̀wé kan ti tó. Kí abẹ náà jẹ́ tuntun, torí etí tó bá ti ge jẹ́gẹjẹ̀gẹ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Ẹ fi ọwọ́ mú wọn níbi tí kò mú.

Ẹ gé ihò kan sí àárín páálí, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ tẹ́ abẹ kìíní sí orí ihò náà kí etí rẹ̀ gba àárín ihò kọjá, kí ẹ sì fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gé pépà ìtẹ̀wé pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan, ẹ gbé e dúró lórí etí rẹ̀ kí ó fara ti etí abẹ náà. Ẹ wá ti abẹ kejì wá títí etí tirẹ̀ yóò fi kan ìhà kejì pépà, kí ẹ lẹ òun náà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì rọra fa pépà náà yọ. Àlàfo tó kù láàárín abẹ méjèèjì fẹ̀ tó nípọn pépà náà.

Pépà ìtẹ̀wé tó wọ́pọ̀ nípọn tó nǹkan bí 0.1 mm. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: ẹ fi rúlà wọn gíga odindi rímù kan tó ní pépà 500. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ẹyọ kan jẹ́ 50 mm tí a pín sí 500, ìyẹn 0.1 mm.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù níbí ni kí etí abẹ méjèèjì má ṣe dọ́gba, kí òkè fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ gbé páálí náà sókè sí ojú fèrèsé kí ẹ wo àlàfo náà. Bí ilà ìmọ́lẹ̀ tó gba ibẹ̀ bá ń tín-ín-rín sí apá kan, ẹ tú abẹ kejì, kí ẹ tún un lẹ̀. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó tan lésà rárá. Ẹ má ṣe fi ojú wo inú àlàfo nígbà tí lésà bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Títò ó àti sísààmì

Lésà pupa tí agbára rẹ̀ kò ju 1 mW lọ ni kí ẹ lò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ìgùn ìgbì bí 630–680 nm dípò nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú 655, kí ẹ sì rántí pé ó lè fi nǹkan bí 4 nínú 100 yàtọ̀ sí òótọ́, bó ti wù kí ẹ fara balẹ̀ wọn tó kù.

Ẹ fi lésà náà sórí tábìlì, kí ẹ dè é mọ́ ìwé tàbí igi kan kí ó má ṣe mì. Ẹ gbé páálí àlàfo síwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, kí àlàfo náà dúró lóòró. Ìmọ́lẹ̀ yóò tàn ní ìbú: sí ẹ̀gbẹ́ tí àlàfo ti fún ni ó ń tàn sí, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ tó ti gùn. Ẹ lẹ pépà funfun mọ́ ògiri ní mítà 2 sí àlàfo náà, kí ó dojú kọ lésà gan-an láìyẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe jíjìnnà yìí ní L: àlàfo sí ògiri la ń wọ̀n fún un, kì í ṣe lésà sí ògiri.

Ẹ pa iná yàrá. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ilà kékeré sí àárín ojú dúdú kọ̀ọ̀kan. Mo ní ojú dúdú ni kí ẹ sàmì sí, ẹ fi ibi tó mọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ojú èèyàn mọ ibi tí òkùnkùn ti jinlẹ̀ jù ju bó ṣe mọ góńgó ìmọ́lẹ̀ tó gbilẹ̀. Ìkejì, góńgó ìmọ́lẹ̀ àwọn abala ẹ̀gbẹ́ kò sí ní agbedeméjì gẹ́lẹ́: ti àkọ́kọ́ wà níbi tí sin θ jẹ́ 1.43 λ/a dípò 1.5, ti ìkejì ní 2.46 dípò 2.5. Ó sún sí àárín díẹ̀. Àwọn ojú dúdú nìkan ló tò ní àyè tó dọ́gba.

Kọ nọ́ńbà sí àmì kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, lápá òsì −1, −2, −3, lápá ọ̀tún 1, 2, 3. Kò sí ẹni tí yóò jẹ́ 0.

Ìṣirò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká ní L jẹ́ 2.00 m, λ jẹ́ 650 nm, rúlà sì fi hàn pé láti àmì −3 dé àmì 3 jẹ́ 75 mm. Àyè mélòó ló wà níbẹ̀? Láti −3 dé 3 jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́fà lórí ìlà nọ́ńbà. Ẹ pín 75 sí 6, ó jẹ́ 12.5 mm. Iye yìí la ń pè ní y, àyè láti ojú dúdú kan dé èkejì. Níwọ̀n bí igun wọ̀nyí ti kéré gan-an, y = λL/a, nítorí náà:

```
a = λL / y
a = (650 × 10⁻⁹ m × 2.00 m) / (12.5 × 10⁻³ m)
a = 1.04 × 10⁻⁴ m = 0.104 mm
```

Ó bá nípọn pépà mu. Fífẹ̀ abala àárín jẹ́ 25 mm, ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12.5 mm.

Ẹ wá wo bí èèyàn ṣe ń ṣì í. Ẹni tó bá ka abala ìmọ́lẹ̀ láàárín −3 àti 3 yóò rí márùn-ún: ọ̀kan láàárín, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Yóò pín 75 sí 5, yóò ní 15 mm, àlàfo rẹ̀ yóò sì di 0.087 mm. Abala márùn-ún ló rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àárín gbọ́dọ̀ kà sí méjì. Ẹlòmíràn yóò wọn fífẹ̀ abala àárín, 25 mm, yóò fi í sí ipò y, àlàfo rẹ̀ yóò sì di 0.052 mm, ìdajì òótọ́ gẹ́lẹ́. Bí ìdáhùn yín bá fi ìlọ́po méjì tàbí ìdajì yàtọ̀ sí ohun tí ẹ retí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ìṣirò púpọ̀. Ẹ wọn láti àmì 1 dé àmì 2, kí ẹ sì wọn láti −1 dé 1. Èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ojú dúdú àkọ́kọ́ ti sọnù sínú ìmọ́lẹ̀ àárín, kí ẹ sì ti pe ìkejì ní ìkíní; bí ó bá jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìmọ́lẹ̀ líle àárín ti borí apá kan ojú dúdú náà tí àmì yín fi sún síta.

Bí ojú dúdú kò bá dúdú

Kámẹ́rà fóònù ló máa ń dá wàhálà tí mo sọ tán yìí sílẹ̀ jù. Abala àárín mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po ogún ju ti ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Bí fóònù bá ṣí ojú rẹ̀ tó láti rí ti ẹ̀gbẹ́, ti àárín á ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú àwòrán, á sì bo etí ojú dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú àwòrán bẹ́ẹ̀, abala àárín máa ń dà bíi pé ó fẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà kù títí àárín kò fi ní funfun mọ́, tàbí kí ẹ fi −2, 2, −3 àti 3 ṣe ìṣirò yín, torí wọ́n jìnnà sí ibi tó ń kún náà.

Bí ojú dúdú bá jẹ́ eérú dípò dúdú, tó sì dà bí ẹni pé ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí abẹ kò dọ́gba. Apá tí àlàfo ti fún ń tan ìmọ́lẹ̀ ká jù, apá tó fẹ̀ ń tàn án ká díẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bọ́ sórí ara wọn. Ẹ padà sí àlàfo.

Bí gbogbo rẹ̀ bá há mọ́ra tí ẹ kò lè yà wọ́n, àlàfo ti fẹ̀ jù. Ìrètí àwọn kan ni pé àlàfo tó fẹ̀ yóò fún wọn ní àwòrán tó fẹ̀. Òdìkejì ló rí. Àlàfo 0.2 mm ní mítà 2 yóò fún yín ní y tó jẹ́ 6.5 mm, ti 0.5 mm yóò sì jẹ́ 2.6 mm péré.

Àlàfo tó fẹ̀ tún ní àbùkù tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Gbogbo ìjíròrò òkè yìí dúró lórí pé ògiri jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ibi inú àlàfo fi jìnnà sí ọ̀gangan àárín bákan náà. Láti mọ̀ bóyá ó jìnnà tó, ẹ fi a sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí λ. Fún 0.1 mm, ó jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, nítorí náà mítà 2 ti ju ohun tí a nílò lọ dáadáa. Fún 1 mm, ó jẹ́ mítà kan ààbọ̀, mítà 2 kò sì tó rárá: ojú dúdú kò ní ṣú tán, òfin a sin θ = mλ kò sì ní bá ohun tó wà lára ògiri mu.

Ẹni tí kò bá rí abẹ lè na fọ́nrán irun orí kan síwájú lésà. Ojú dúdú rẹ̀ yóò wà ní ibi kan náà pẹ̀lú ti àlàfo tó fẹ̀ tó irun náà, gẹ́gẹ́ bí òfin tí a fi orúkọ Jacques Babinet pè. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ lésà tó gba ẹ̀gbẹ́ irun kọjá yóò bọ́ tààrà sí ọ̀gangan àárín, yóò sì bo ohun tó wà níbẹ̀. Irun dára fún wíwọ̀n y, ṣùgbọ́n abẹ méjì ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ fojú rí abala àárín fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìlọ́po méjì mọ

Láti ojú dúdú dé ojú dúdú ni ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì wà fún. Bí ẹnì kan bá wọn abala àárín níbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti já sí ìdajì, nǹkan bí 0.89 λ/a ni yóò rí ní ìwọ̀n sin θ, kì í ṣe 2 λ/a. Kò sí ìjà láàárín nọ́ńbà méjèèjì, ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ló yàtọ̀. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín wé ti ẹlòmíràn, ẹ bi í ibi tó ti wọ̀n ọ́n.

Ìkejì ni pé inú sin θ ni àwọn òpó ti tò dọ́gba, kì í ṣe inú θ fúnra rẹ̀. Fún àlàfo 0.1 mm, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan: ní ojú dúdú kẹta, igun kò ju dígírì kan àti díẹ̀ lọ, rúlà kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹ mú àlàfo tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì λ péré. Ojú dúdú àkọ́kọ́ wà níbi tí sin θ jẹ́ 0.5, ìyẹn dígírì 30. Ìkejì wà níbi tí sin θ jẹ́ 1, ìyẹn dígírì 90. Abala àárín lọ láti −30 dé 30, dígírì 60. Ti ẹ̀gbẹ́ lọ láti 30 dé 90, dígírì 60 náà. Ní ìwọ̀n igun, wọ́n dọ́gba. Lára ògiri tó tẹ́jú, ojú dúdú kejì yẹn kò ní hàn rárá, torí ọ̀nà rẹ̀ kò pàdé ògiri láéláé.

Sin θ kò lè ju 1 lọ, nítorí náà iye ojú dúdú ní apá kan kò lè ju a/λ lọ. Àlàfo 0.1 mm wa lè ní ju àádọ́jọ lọ ní apá kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mélòó kan péré ni ojú ń rí kí ìmọ́lẹ̀ tó tán. Bí àlàfo bá fún títí tó fi kéré sí λ, kò sí ojú dúdú kankan mọ́. Etí dé etí kò lè ní ìyàtọ̀ tó pé λ ní igun èyíkéyìí, ìdajì kan kò sì lè pa ìdajì kejì rẹ́ tán. Abala àárín nìkan ló kù, ó sì gba gbogbo ògiri.